Lẹ́tà Tó Dùn àti Lẹ́tà Tó Jẹ́rìí: Bí A Ṣe Fi Wọ́n Wé Ara Wọn Kí A Tó Yan Ọmọ fún Sikọ́láṣíìpù

Lọ́sàn-án Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́rin jókòó yí tábìlì ìjẹun ká nílé akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní Kubwa. Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kékeré kan ni wá níbí ní Àbújá. Ọdọọdún la máa ń dá owó jọ, tí a sì ń fi san owó ilé ìwé ọmọ mélòó kan tó wà ní yunifásítì nílẹ̀ Àríwá. Lọ́jọ́ náà, àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ọmọ méjì ló sì ń dù ú. Máàkì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tó kù tí a lè fi yà wọ́n kò ju lẹ́tà ìjẹ́rìí tí olùkọ́ fọwọ́ sí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì.

Díẹ̀ ló kù kí a ṣìdájọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ó wà fún ẹnikẹ́ni tó bá bá ara rẹ̀ níbi tí a wà yẹn, ì báà jẹ́ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ìlú, ti ìjọ, ti mọ́sálásí, tàbí ẹni tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo sí ṣọ́ọ̀bù. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé, ti jáde, lẹ́tà tó dùn létí kò náni ní nǹkan kan mọ́. Ìṣẹ́jú kan ti tó láti rí i gbà. Gbogbo lẹ́tà ló wá ń fi ọ̀yàyà pàdé wa báyìí, a sì ní láti mọ èyí tó mọ ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

## Lẹ́tà méjì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn

Fáìlì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ físíìsì ní Zaria. Olùkọ́ rẹ̀ ní girama, ní Kaduna, ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ojú ìwé kan gbáko ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, òǹtẹ̀ ilé ìwé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fáìlì kejì jẹ́ ti ọmọkùnrin kan láti Suleja tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọ̀gbìn ní Minna. Ìwé àfọwọ́kọ ni lẹ́tà tirẹ̀. Fóònù ni wọ́n fi ya fọ́tò rẹ̀, igun kan ṣókùnkùn, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sì ń mẹ́hẹ níbi mélòó kan. Mo tú apá kan nínú méjèèjì sí Yorùbá kí ẹ lè rí ohun tí a rí.

| Ohun tí a wá lọ | Lẹ́tà Kaduna | Lẹ́tà Suleja |
|---|---|---|
| Bí olùkọ́ ṣe mọ ọmọ | "Ìdùnnú ńlá ló jẹ́ fún mi láti mọ ọmọ yìí, kí n sì rí bí ó ṣe ń dàgbà." | "Mo kọ́ ọ ní ìṣirò fún ọdún méjì. Ọmọ 64 ló wà ní kíláàsì náà." |
| Iṣẹ́ tó ṣe | "Ohunkóhun tó bá dáwọ́ lé, ó máa ń fi gbogbo ọkàn ṣe é, ó sì máa ń lépa èyí tó dára jù lọ." | "Mo ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun ló ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní lọ́gárídíìmù. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti kọjá ibi tí mo fi wọ́n sí." |
| Ìwà | "Ọ̀yàyà rẹ̀, sùúrù rẹ̀ àti inú rere rẹ̀ ń mú ara gbogbo ẹni tó yí i ká yá gágá." | "Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń pẹ́ dé lọ́jọ́ ọjà nítorí pé ó ń bá ìyá rẹ̀ kó ẹrù." |
| Bí ó ṣe rí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ | "Ó ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ní gbogbo ọ̀nà." | "Òun kọ́ ló ń gba ipò kìíní. Ipò kẹta ló máa ń wà. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ máa ń wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀." |

Nígbà tí a kọ́kọ́ kà wọ́n sókè, ti Kaduna ló wọ̀ wá lára. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé olùkọ́ tó fẹ́ràn ọmọ tó báyìí, ọmọ náà gbọ́dọ̀ dára. Ti Suleja dà bí ẹni tó ń ṣàròyé: ọmọ ń pẹ́, kì í sọ̀rọ̀, kò gba ipò kìíní. Bí a bá ti dìbò ní wákàtí yẹn, ìró ohùn lẹ́tà là bá fi yan ọmọ, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀.

Màmá tó jẹ́ àgbà láàárín wa, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba ní Garki kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ló dá wa dúró. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní pẹ́ńsù. Wọ́n fi àtàǹpàkò bo orúkọ ọmọ náà lórí lẹ́tà Kaduna, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ àbúrò mi tó wà ní Lugbe síbẹ̀. Gbólóhùn tó bá ṣì jẹ́ òtítọ́ nípa tirẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n fàlà sí i." A bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìdùnnú ni láti mọ̀ ọ́n: ó bá àbúrò Màmá mu, wọ́n fàlà sí i. Ó ń fi gbogbo ọkàn ṣe é: àlà. Ọ̀yàyà, sùúrù: àlà. A ka gbólóhùn 17, 15 ló lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù ni pé olùkọ́ náà kọ́ ọ ní físíìsì, àti ọdún tí ọmọ náà jáde. Ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀ ti sọ èyí fún wa tẹ́lẹ̀.

A ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti Suleja. Gbólóhùn 11 ló wà níbẹ̀, mẹ́ta la fàlà sí. Mẹ́jọ yòókù kò gba orúkọ ẹlòmíì. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi àbúrò Màmá sípò ọmọ tó kọ́ kíláàsì ní lọ́gárídíìmù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀nà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń ṣe é kó má baà tàn wá. Ẹ má fi ọmọ tí kò ṣeé fi wé e rọ́pò. Bí ọmọ tó ń béèrè bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó gbọ́n, ẹ ronú kan akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì mìíràn tó gbọ́n. Ìdí ni pé gbólóhùn bíi "ìfẹ́ rẹ̀ sí físíìsì jinlẹ̀" dà bí ẹni pé ó sọ nǹkan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ló bá mu. Orúkọ ẹ̀kọ́, orúkọ ilé ìwé àti orúkọ sikọ́láṣíìpù náà kò gbọ́dọ̀ gba gbólóhùn là, nítorí ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ni wọ́n, orí fọ́ọ̀mù ni wọ́n sì ti mú un.

## Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi pọ̀ tí ẹ̀rí kò sí

Ẹ̀rọ tó ń kọ lẹ́tà yìí kò mọ ọmọ náà rí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wo ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń yan ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù pé kó tẹ̀ lé e, ní ìbámu pẹ̀lú àìmọye ìwé tí wọ́n ti fi kọ́ ọ. Bí ẹnì kan bá fún un ní orúkọ, ẹ̀kọ́ àti "jọ̀wọ́ kọ lẹ́tà tó dára", ohun tó lè fún un padà ni ohun tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo lẹ́tà ìjẹ́rìí tó ti kọjá lójú rẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ nínú gbogbo lẹ́tà, kò lè ya ọmọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

A mọ èyí nílé dáadáa. Bí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ, wọ́n á dárúkọ ìlú, wọ́n á dárúkọ baba tó bí baba rẹ̀, wọ́n á sọ ohun tí ìdílé náà ń ṣe àti ohun tí wọn kì í jẹ. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹ gbé oríkì Olófà fún ọmọ Oníkòyí, gbogbo agboolé á yíjú padà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń kì í kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní gbọ̀ngàn àpèjẹ ní Wuse, olórin á máa pe gbogbo ẹni tó bá náwó ní baba olówó, ẹni ire, ọmọ ẹni ire. Ó dùn, orí ẹni tí wọ́n ń kì sì ń wú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa fọmọ fún ọkọ lórí ohun tí olórin sọ. Lẹ́tà Kaduna jẹ́ ti olórin àpèjẹ. Lẹ́tà Suleja ló sún mọ́ oríkì, pẹ̀lú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó mẹ́hẹ.

Ẹ tún wo bí lẹ́tà Suleja ṣe sọ àléébù. Ẹni tó mọ ọmọ máa ń mọ ibi tí ó kù sí, ó sì sábà máa ń yọ sí i lẹ́nu. Àléébù yìí kò din ọmọ náà kù lójú wa nígbà tí a tún un kà. Ó jẹ́ kí a gba ìyókù gbọ́ ni.

## Ẹ má béèrè bóyá ẹ̀rọ ló kọ ọ́

Ọ̀kan nínú wa gbé láàpútọ́ọ̀pù jáde, ó ní kí a fi lẹ́tà méjèèjì sínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá ènìyàn ló kọ̀wé tàbí ẹ̀rọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ fi lẹ́tà tí pírínsípà mi kọ fún mi ní 2009 dán an wò; mo ṣì ní ẹ̀dà rẹ̀ nínú ímeèlì mi. Ẹ̀rọ náà dáhùn pé ó ṣeé ṣe gan-an pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ó ku ọdún 13 kí ChatGPT jáde nígbà yẹn.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ OpenAI tó ṣe ChatGPT fúnra wọn gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe sọ, nínú ìwé 100 tí ẹ̀rọ kọ, 26 ló ń dá mọ̀, ó sì ń fi 9 nínú 100 tí ènìyàn kọ pè ní ti ẹ̀rọ. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní oṣù keje ọdún náà. Lọ́dún kan náà, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford fi irú ẹ̀rọ méje yẹ àròkọ tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL wò, ó sì ju ìdajì lọ nínú àwọn àròkọ náà tí àwọn ẹ̀rọ yìí pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwa gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ wa ní girama, tó gún, tó kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá, jọ ti ẹ̀rọ. Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Paul Graham, ẹnì kan tó máa ń fi owó sínú ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun, sọ lórí Twitter pé ọ̀rọ̀ náà `delve` nínú lẹ́tà tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí òun jọ ti ChatGPT. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ń lò lójoojúmọ́ ni.

Nítorí náà, ìbéèrè bóyá ẹ̀rọ ló kọ ọ́ kò lè ràn wá lọ́wọ́. Lẹ́kíṣọ̀rà kan lè kọ kókó mẹ́fà tó jẹ́ òtítọ́ sínú fóònù rẹ̀, kí ó ní kí ẹ̀rọ tò ó fún òun. Lẹ́tà náà á dán, ṣùgbọ́n ẹ fàlà sí i wò, ẹ ó rí i pé kókó mẹ́fà náà á dúró. Ẹ̀rí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà tó ṣófo. Wọ́n ti ń ṣe é kí kọ̀ǹpútà tó wọlé. Ìwọ̀n kan náà ni ká fi wọn gbogbo wọn.

## Èyí tó léwu ju òfìfo lọ

Láàárín àwọn lẹ́tà tí a ti kà ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọ̀kan wà tí pẹ́ńsù Màmá kì bá tí rí nǹkan fàlà sí. Ó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kó àwọn ọmọ 40 jọ sí ẹgbẹ́ ìkàwé, ó sì mú kí èsì ìdánwò wọn ga sókè ní ìdá 30 nínú 100. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹlòmíì ì bá sì ti yan ọmọ náà lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó mú wa dúró ni pé kò sí ibi tí a lè di ìtàn náà mú. Ilé ìwé wo? Tẹ́ẹ̀mù wo? Ẹ̀kọ́ wo? Ta ló ṣírò ìdá 30 yẹn? Ẹni tó wà níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ máa ń fi ohun tí kò wúlò mọ́ ọn láìmọ̀: pé òun ń ṣàìsàn, pé ọjọ́ ọjà ni, pé ọmọ 64 ló wà ní kíláàsì. Ìtàn tí ẹ̀rọ hun máa ń ní kìkì ohun tó ń yin ọmọ, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń gún régé. Mo máa ń bi ara mi pé, bí mo bá fẹ́ wádìí gbólóhùn yìí, ta ni mo máa pè, kí sì ni mo máa bi í? Bí mi ò bá rí ẹni tí mo lè pè àfi ọmọ náà fúnra rẹ̀, mo máa ń fi ìlà wẹ́wẹ́ sábẹ́ gbólóhùn náà dípò kí n gbà á.

A pe lẹ́kíṣọ̀rà tó fọwọ́ sí i. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ẹgbẹ́ ìkàwé. Ọmọ náà ló gbé lẹ́tà wá, òun sì fọwọ́ sí i láàárín iṣẹ́. Nígbà tí a pe ọmọ náà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó sọ pé òun ní kí ẹ̀rọ náà fi àpẹẹrẹ tó dájú sí i kí ó má baà dà bí òfìfo, ó sì fi í sí i lóòótọ́. Ẹ̀rọ náà kò ní ohun tí yóò mú, ó bá ṣe tirẹ̀. Ó dùn mí, nítorí ọmọ náà kò ní ìwà èké. Ṣùgbọ́n òun kà á, ó mọ̀ pé kò ṣẹlẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́. A kò lè gbójú fo ìyẹn.

Báyìí, bí a bá fi àwọn méjèèjì wé ara wọn, lẹ́tà tó ṣófo kò pa ẹnikẹ́ni lára bí a bá mọ̀ pé ó ṣófo. Ó dà bí ẹni tí kò mú lẹ́tà wá. Èyí tó hun ìtàn ń pa ọmọ tó sọ òtítọ́ lára, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ máa borí ipò kẹta àti ẹrù ìyá.

## Ọ̀yàyà àwọn ọmọbìnrin

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ó kan ọmọ tó wà níwájú wa. Ní 2023, àwọn olùwádìí kan fi lẹ́tà ìjẹ́rìí tí ChatGPT àti irú rẹ̀ kọ fún ọkùnrin wé èyí tó kọ fún obìnrin. Wọ́n rí i pé ó sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀yàyà, inú rere àti ìfanimọ́ra kọ ti obìnrin, nígbà tí ọ̀rọ̀ aṣáájú, ọ̀wọ̀ àti ọgbọ́n ń pọ̀ nínú ti ọkùnrin. Irú èyí ti wà nínú lẹ́tà tí ènìyàn ń kọ tẹ́lẹ̀. Ìwé ènìyàn ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ padà wo ìlà kẹta nínú àtẹ òkè yẹn. Ọmọ tó ń kọ́ físíìsì ni, ohun tí lẹ́tà rẹ̀ gbé ga jù ni pé ara ń yá àwọn tó yí i ká. Bí a bá gba lẹ́tà náà gbọ́, ọmọ tó níwà la máa rí, a kò ní rí onímọ̀. Bí a bá kọ̀ ọ́, a lè kọ ọmọ náà mọ́ ọn. Nítorí náà, nígbàkúgbà tí mo bá rí lẹ́tà ọmọbìnrin tó kún fún sùúrù àti ọ̀yàyà tí iṣẹ́ kankan kò sí nínú rẹ̀, mi ò kí ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo máa ń pe olùkọ́.

## Ìpè tí a pè sí Kaduna

Kí ẹ tó pè, ẹ má lo nọ́ńbà orí lẹ́tà nìkan. Ẹ gba nọ́ńbà olùkọ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ilé ìwé. Ẹ má sì béèrè pé "ṣé ọmọ dáadáa ni?" nítorí kò sí olùkọ́ tó máa sọ pé rárá, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ní yàtọ̀ sí lẹ́tà. Akọ̀wé wa ló pè é, ohùn fóònù wà níta kí gbogbo wa lè gbọ́.

Ọmọ Òmù-Àrán ni olùkọ́ náà, ó ti pẹ́ ní Kaduna. Lẹ́yìn ìkíni, akọ̀wé ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ fiyè sí ọmọ yìí? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ mítà yẹn ni."

Ó ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ní lábù àwọn, mẹ́ta ni wọ́n, méjì ti kú, wọ́n sì ti kọ wọ́n sílẹ̀ pé wọ́n bàjẹ́. Ọmọ náà bẹ òun kí òun jẹ́ kó tú ọ̀kan. Ó tú u, ó bá fíúsì kékeré kan nínú rẹ̀ tó ti jó. Kò sí nǹkan tó ṣe mítà fúnra rẹ̀. Olùkọ́ lọ ra fíúsì lọ́jà, ọmọ náà wo nọ́ńbà ara fíúsì náà, ó ní òun kò ní fi í sí i. Èyí tí wọ́n rà lágbára ju èyí tó jó lọ. Bí ẹnì kan bá tún ṣi mítà lò, fíúsì náà kò ní jó, mítà gan-an ló máa jó. "Èmi tí mo rà á, mi ò wò ó," olùkọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó tó di ọjọ́ kejì, ọmọ náà ti lẹ bébà mọ́ ara mítà náà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi wáyà sí ihò A bí ó bá fẹ́ wọn fóltéèjì bátìrì, nítorí ohun tó jó fíúsì àkọ́kọ́ nìyẹn.

Gbogbo wa dákẹ́ nídìí tábìlì. Màmá ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí ìyẹn kò fi sí nínú lẹ́tà. Ó dáhùn pẹ̀lú ìtìjú pé ọmọ 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òun ń kọ́, lẹ́tà sì pọ̀ tí wọ́n ń bẹ òun kọ lóṣù yẹn. Ó ní ọmọ náà ti tẹ ọ̀kan wá, òun kà á, kò sí irọ́ nínú rẹ̀, òun fọwọ́ sí i.

Òótọ́ ló sọ, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Òfìfo lẹ́tà náà kò sọ ohunkóhun nípa ọmọ. Ohun tó sọ fún wa kò ju pé olùkọ́ kan ní ọmọ tó pọ̀ jù. Ibi tí a ti fẹ́ ṣìdájọ́ nìyí, lápá kejì. Lẹ́yìn tí pẹ́ńsù Màmá ti ṣiṣẹ́ tán, ó ti ń ṣe wá bí ẹni pé ká ti fáìlì Kaduna sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí a rí ẹ̀rí lòdì sí ọmọ náà. Lẹ́tà tó ṣófo, òdo ni. Kì í ṣe ẹ̀rí lòdì sí ọmọ náà. Ẹ fi sí òdo, kí ẹ lọ wá ẹ̀rí níbòmíràn.

Ìwọ̀n tí a ń lò yìí náà ní ibi tó ń dunni. Ọmọ tó wà ní ilé ìwé olówó, níbi tí ogún ọmọ wà ní kíláàsì, olùkọ́ rẹ̀ á ráyè sọ ìtàn rẹ̀. Bí a bá fi lẹ́tà nìkan yan, àyè tí olùkọ́ ní la ń san owó fún. Nítorí ìyẹn, láti ọdún yìí, a kò gba lẹ́tà lásán mọ́. Fọ́ọ̀mù kan la ń fi ránṣẹ́ tààrà sí olùkọ́, kò gba ọwọ́ ọmọ kọjá, ìbéèrè mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀: ohun kan tí ẹ rí kí ọmọ yìí ṣe pẹ̀lú ojú ara yín, àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀; ohun kan tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe; àti pé láàárín ọmọ mélòó tí ẹ kọ́ lọ́dún náà, ipò wo lẹ máa fi í sí. A fún wọn láyè láti fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù bí wọn kò bá ráyè kọ ọ́. Ìṣẹ́jú méjì ohùn olùkọ́, nínú èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ti ṣe wá láǹfààní ju ojú ìwé kan tó dán lọ.

Olùkọ́ Kaduna fi gbólóhùn mẹ́fà ránṣẹ́ sí wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìtàn mítà wà níbẹ̀, ó sì fi kún un pé ọmọ náà kì í fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan iṣẹ́ tí òun bá ti bẹ̀rẹ̀, pé òun ti bá a wí nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà Suleja, wọ́n fi pẹ́ńsù sílẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọmọ méjì níwájú wa ni.

A dìbò ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ọmọ Suleja la fún, ìbò mẹ́ta sí ọ̀kan. Ìbò kan yẹn, tèmi ni. Ọmọ tó kọ̀ láti fi fíúsì tó lágbára jù sínú mítà ni mo dì í fún.